Àtẹ́wọ́ Tó Wà Láàárín Ọ̀rọ̀: Ìyìn Ni, Ìbáwí Ni, àbí Yẹ̀yẹ́?

Nígbà tí Iléyá ọdún kan ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ̀wé regbérégbé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ ọ̀rọ̀ kan sójú Wáàsápù ẹgbẹ́. Ẹni tó bá mọ Ojúde Ọba mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò jìnnà rárá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni regbérégbé lọ́kùnrin lóbìnrin máa ń yan níwájú Awùjalẹ̀, kálukú nínú aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kò bá tíì dọ́wọ́ télọ̀ nígbà yẹn, wàhálà ti ń kanlẹ̀kùn. Àwa obìnrin méjìlélọ́gbọ̀n la wà nínú ẹgbẹ́ tiwa. Mọ́kànlá péré ló ti san 45,000 náírà owó aṣọ. Ohun tí akọ̀wé kọ nìyí:

Ẹ 👏 san 👏 owó 👏 aṣọ 👏 yín 👏

Mo wà nídìí ààrò nígbà yẹn. Kí n tó nu ọwọ́ mi, ìdáhùn mẹ́ta ti wọlé. Ìyá Ìbejì kọ ọ́ pé: "Àmín o 👏👏👏 Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á dá yín lọ́lá." Ẹnì kan tó ti sanwó láti oṣù tó kọjá kọ ọ́ pé: "Ẹ 👏 bá 👏 mi 👏 sọ 👏 fún 👏 wọn". Ẹlòmíràn wá kọ ọ́ pé: "Iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe o, akọ̀wé. Owó tí a dá lọ́dún tó kọjá, ojú wa ò tíì kan ìṣírò rẹ̀ 👏👏👏". Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́mọ níwèé. Ṣé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa ni, àbí wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Tó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ ni, kí ni mo wá ń ṣe àmín sí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe débẹ̀. Akọ̀wé kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló bá a tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ìyá ń wa mọ́tò. Bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kọ̀wé síra wọn ló ṣe kọ ọ́ sí àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo wá sọ fún Ìyá Ìbejì pé kò sí yẹ̀yẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ akọ̀wé. Yẹ̀yẹ́ wà lójú Wáàsápù wa lọ́jọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ inú ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀wé kẹ́yìn ló wà, èyí tí àtẹ́wọ́ rẹ̀ tò sí ìparí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń yin ọmọ tó gba ẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu yà á. Lójú tirẹ̀, èyí tó há sáàárín ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó ní oró nínú.

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un ni mo fẹ́ ṣe é níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àmì náà fúnra rẹ̀. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Unicode, àwọn ló ń fún gbogbo lẹ́tà àti àmì orí fóònù ní nọ́ńbà, kí ohun tí mo bá tẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde má bàa di nǹkan mìíràn lórí fóònù ẹni tó wà ní Ṣàgámù. Nọ́ńbà àtẹ́wọ́ ni U+1F44F. Ọdún 2010 ló wọ inú àkójọ wọn, orúkọ tí wọ́n sì kọ sí i ni Clapping Hands Sign, àmì ọwọ́ tó ń pàtẹ́. Ibi tí iṣẹ́ wọn parí sí nìyẹn. Wọn ò sọ pé ìyìn ló jẹ́, wọn ò sọ pé ìjà ni, wọn ò sì sọ ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi í sí nínú gbólóhùn. Ìtumọ̀ yòókù, àwa tí à ń lò ó la fún un. Ìdí rèé tí ẹgbẹ́ méjì fi lè gbé ìtumọ̀ méjì kà á láìsí pé ẹnì kankan ṣìwé kà.

Àlàyé tó yé mi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Gretchen McCulloch, onímọ̀ èdè ọmọ Kánádà. Ó ní ká má wo ẹ̀mójì bí èdè tuntun, ká wò ó bí ìfarasọ̀rọ̀: ohun tí ọwọ́ àti ojú wa máa ń ṣe nígbà tí ẹnu ń sọ̀rọ̀. Ìfarasọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Òmíràn wà tó ní ìtumọ̀ tirẹ̀, tí kò nílò ẹnu. Bí mo bá mi orí fún yín láti òdìkejì títì, ẹ ti mọ̀ pé mo kọ̀. Bí mo bá juwọ́, ẹ ti mọ̀ pé mo ń kí yín. Òmíràn sì wà tí kò ní ìtumọ̀ kankan lọ́tọ̀, tó kàn ń bá ọ̀rọ̀ rìn bí ìlù. Ẹ wo òṣèlú tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, tó ń fi ìkúùkù gbá tábìlì bí ó ṣe ń sọ ọ́: "A máa ṣe ọ̀nà! A máa ṣe omi!" Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ni gbígbá kejì túmọ̀ sí. Agbára ló ń fi kún ọ̀rọ̀, òun náà ló sì ń sọ fún wa pé ibi tí òun gbá yẹn ni ká dì mú.

Àtẹ́wọ́ nìkan ni ẹ̀mójì tí mo mọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì dáadáa báyìí. Bó bá tò sí ìparí ọ̀rọ̀, méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ọwọ́ tó ń pàtẹ́ fún ẹnì kan ni, ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Kódà bí òun nìkan bá dá wà, ó yé wa. Bó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ti kúrò ní pípàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìlù ló di. Ẹ má wá ìtumọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ka ìlù bí ìyìn, ibẹ̀ ni àmín rẹ̀ ti wá.

Ibo ni ìlù yìí ti ṣẹ̀ wá? Lọ́wọ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni. Kí ẹ̀mójì tó dé, ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń pa: bí wọ́n bá ń bá ẹnì kan wí, tàbí tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan wọ̀ ọ́ létí, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ ẹyọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Ní 2016, Robin Thede, apanilẹ́rìn-ín obìnrin tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi àtẹ́wọ́ yìí pẹ̀lú àwọn ìṣọwọ́ mìíràn ṣe àwàdà lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Láti ojú ọ̀rọ̀ ẹnu ló ti bọ́ sórí ìkànnì Twitter, láti ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ò mọ̀ pé ọwọ́ gidi ni nígbà kan.

Kò sì ṣàjèjì sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ́, kí ẹ dúró ti ìyá oníyẹ̀fun tàbí onígàrí tí wọ́n jẹ ní gbèsè. "Ọjọ́ Ajé lo ní o máa mú un wá." Pà! "Mi ò rí ẹ." Pà! "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?" Pà! Lẹ́yìn náà á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, á kọ ojú sí àwọn tó ń wòran. Bí mo ṣe ń wò ó, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa máa ń dúró kí ọ̀rọ̀ parí ná, kí ọwọ́ tó ró. Tàwọn ará Amẹ́ríkà ń ró mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ akọ̀wé fi àtẹ́wọ́ sáàárín "san" àti "owó", ìṣọwọ́ ìlú òkèèrè ló fi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ n dúró síbí díẹ̀, nítorí èmi fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi agbára ohùn lé ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá wù ú kó fi tẹnu mọ́ ọn. Àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó ṣe wù wá, torí ohùn ló ń sọ ìtumọ̀ fún wa. Bí mo bá gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, ọkọ̀ á di ọkọ, ọkọ á di ọkọ́. Kí ni a wá ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀? A máa ń gbé e síwájú, a ó fi "ni" tì í lẹ́yìn: "Owó aṣọ ni kí ẹ san." Tàbí kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ sanwó o, mo ní ẹ sanwó." Ẹnu wa kì í sì í sọ "san owó" ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, "sanwó" là ń sọ, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Àtẹ́wọ́ tí ọmọ yẹn fi sáàárín ló já a. Ẹ gbìyànjú kí ẹ kà á sókè, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí i: Ẹ, pà! San, pà! Owó, pà! Aṣọ, pà! Ẹ ó gbọ́ pé ohùn yín yí padà. Ó ti di ohùn tí a fi ń bá ọmọ kékeré tí kò gbọ́ràn sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tí etí rẹ̀ di, tí a ń já ọ̀rọ̀ fún un ní ègé ègé.

Ohun tí ìtẹnumọ́ yìí ń gbé dé nìyẹn. Gbólóhùn náà kò yí padà, owó aṣọ náà ni. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ fi kún un pé: mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti sú mi, ó sì hàn kedere débi pé kò yẹ kí n tún máa sọ ọ́. Ó tún fi nǹkan kan kún un tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣàkíyèsí: ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìta gbangba. Ìyá onígàrí kò pàtẹ́wọ́ nítorí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè nìkan, ó fẹ́ kí ará ọjà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí àtẹ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan, ó máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń pariwo nínú yàrá tí ẹni méjì péré wà.

Ìbínú nìyí o, tàbí àárẹ̀. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́ ń sọ ohun tí kò ní lọ́kàn, ó sì fẹ́ kí a mọ̀ pé òun kò ní in lọ́kàn. Akọ̀wé ní i lọ́kàn pé kí a sanwó. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló jẹ́ òótọ́ títí dé àtẹ́wọ́ tó kẹ́yìn.

Níbo ni yẹ̀yẹ́ wá ń gbà wọlé? Àlàfo tó wà láàárín ìyìn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń gbà. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọmọkùnrin kan ní Ṣàgámù tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó bá lọ sùn. Táǹkì kún, omi ya gba ilé, mítà iná sì ń yí lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ya fọ́tò ilẹ̀ tó tutù, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọpọlọ 👏 ẹ 👏 mà 👏 pé 👏 o". Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin kan náà mú èsì ìdánwò rẹ̀ wálé, A mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan náà kọ ọ̀rọ̀ kan náà, àtẹ́wọ́ kan náà, ibì kan náà. Kò sí lẹ́tà kan tó yàtọ̀. Èkíní gún ọmọ náà bí abẹ́rẹ́, èkejì mú kó máa rìn bí ọba. Ohun tó yàtọ̀ ni fọ́tò tó wà lókè ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ẹ̀mójì báyìí ni ti yẹ̀yẹ́, ẹ̀mójì báyìí ni ti òótọ́. Àtẹ́wọ́ kì í sọ ọ̀rọ̀ di yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń mú ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ tóbi sí i. Bí ìbáwí ló wà níbẹ̀, ìbáwí á le. Bí ìyìn òótọ́ ni, á dùn. Bí ìyìn ẹ̀tàn ni, á ta. A sì ti ń ṣe èyí tipẹ́ láìsí fóònù. "Káre láé" tí ìyá sọ fún ọmọ tó fọ́ àwo, ṣé ìyìn ni? "Ẹ kú iṣẹ́ o" tí wọ́n sọ fún ẹni tó jókòó ti ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ ńkọ́?

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́ Ìyá Ìbejì láti máa ṣe ni pé kó kọ́kọ́ yọ gbogbo àtẹ́wọ́ kúrò, kó wo ohun tó kù. Bó bá jẹ́ àṣẹ tàbí ẹjọ́ ló kù, bí "Ẹ san owó aṣọ yín", kó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe ní in lọ́kàn, ara ló ń ta wọ́n. Bó bá jẹ́ ìyìn tàbí ìdúpẹ́ ló kù, ibẹ̀ ni kó ti dúró, kó bi ara rẹ̀ pé: kí ni ẹni tí wọ́n ń yìn ṣe? Bí ìyìn bá bá ohun tó ṣe mu, ó parí. Bí kò bá bá a mu, tàbí tí ìyìn àti ẹ̀sùn bá jókòó sínú gbólóhùn kan náà, yẹ̀yẹ́ ti wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọjọ́ yẹn. Ti akọ̀wé, àṣẹ ló kù, a ti sọ ọ́. Ti Ìyá Ìbejì, àdúrà àti ìkíni ló kù. Kò sí ẹjọ́ kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, tinútinú ni. Síbẹ̀, a rí i pé àwọn kan tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa kà á sí yẹ̀yẹ́: wọ́n rò pé ó ń sọ fún akọ̀wé pé "Àmín, ká máa wò ó." Ti ẹni tó ti sanwó, "Ẹ bá mi sọ fún wọn", ó gbe akọ̀wé lẹ́yìn ni. Ó yá ìlù akọ̀wé lò láti fi hàn pé ẹgbẹ́ kan náà làwọn wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ta akọ̀wé lára, àwọn tí kò tíì sanwó ló ta. Ti ẹni kẹrin ló wá ku. Yọ àtẹ́wọ́ rẹ̀ kúrò, ìyìn wà lápá kan: "Iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe o". Ẹ̀sùn wà lápá kejì: a ò rí ìṣírò owó. Méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Àtẹ́wọ́ mẹ́ta tó wà ní ìparí wá dúró síbi tó yẹ kí ìyìn dúró sí, lẹ́yìn ẹ̀sùn. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún owó tí a kò rí? Yẹ̀yẹ́ nìyẹn, kò fara sin.

Àwọn ẹ̀mójì tó bá àtẹ́wọ́ rìn lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ojú tó dorí kodò, 🙃, àti ojú tó ń yí ẹyinjú sókè, 🙄, méjèèjì ló dé ní 2015, ọwọ́ àwọn tó ń fini ṣẹ̀sín ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Ọwọ́ tí a pa pọ̀, 🙏, máa ń rọ ọ̀rọ̀ lójú lọ́dọ̀ wa, torí ẹ̀bẹ̀ la ń fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé wọn jù. Mo ti rí 🙏 tó burú ju èébú lọ.

Irú kan tún wà tó yẹ kí n dárúkọ, nítorí kì í ṣe ìbáwí, kì í sì í ṣe ìyìn ẹ̀tàn. Nígbà tí àtẹ́wọ́ àárín ọ̀rọ̀ wá pọ̀ jù lójú ìkànnì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe àfarawé àwọn tó ń lò ó jù. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rín bi ara wọn ni pé kí ló dé tí ẹni yìí ń pariwo bí ẹni ń wàásù lórí nǹkan tí kò tó nǹkan? Ọmọ bùròdá mi kan tó ń gbé Èkó kọ ọ́ sójú Wáàsápù ẹbí pé: "Ìkọ́kọrẹ́ 👏 kì 👏 í 👏 ṣe 👏 àsáró 👏". Òótọ́ ni, ewùrà tí a rin la fi ń se ìkọ́kọrẹ́, iṣu tí a gé sí wẹ́wẹ́ sì ni àsáró. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn nílé wa. Bó ṣe fi ohùn ìjà sọ ohun tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ti mọ̀ yẹn ni àwàdà rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìlù tóbi ju orin lọ báyìí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ará ibòmíràn ló kàn bínú, torí òun ló se é, àsáró ló sì pè é.

Ṣé ẹni tó ń kọ ọ́ kì í mọ̀ pé ó lè ṣì yé ẹlòmíràn ni? Kì í mọ̀, ìdí rẹ̀ sì wà. Ní 2005, Justin Kruger àti Nicholas Epley pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì ìwádìí kan jáde nípa èyí. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn ránṣẹ́ síra wọn lórí ímeèlì, òmíràn tinútinú, òmíràn ẹ̀sín. Àwọn tó kọ ọ́ fọkàn sí i pé ẹni tó ń kà á máa mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀sín nígbà 78 nínú 100. Nígbà 56 ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kàn ju owó ẹyọ sókè láti fi mọ̀ ọ́n á gbà á nígbà 50. Ohun tó fà á ni pé bí a ṣe ń kọ̀wé, à ń gbọ́ ohùn ara wa nínú orí wa, ohùn yẹn sì hàn kedere sí wa débi pé a gbàgbé pé kò bá lẹ́tà lọ. Ìṣòro yìí ti pẹ́ ju ẹ̀mójì lọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án 1982, Scott Fahlman ní yunifásítì Carnegie Mellon dábàá pé kí wọ́n máa fi :-) sí ọ̀rọ̀ àwàdà, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú àwàdà orí kọ̀ǹpútà ní òótọ́.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan wà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Fóònù rẹ̀ ló máa ń ka ìwé fún un. Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n wá gbọ́ ohun tí akọ̀wé rán. Ẹ̀rọ náà ń kà á lóhùn òyìnbó: "Ẹ, clapping hands, san, clapping hands, owó, clapping hands", títí ó fi dé ìparí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló pè é nínú gbólóhùn ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ó ní òun kò mọ̀ pé owó aṣọ ni wọ́n ń sọ, òun rò pé fóònù ti bàjẹ́. Mi ò ro ìyẹn rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò ríran kì í gbọ́ ìlù, orúkọ ìlù ló ń gbọ́, ìyẹn sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Mo pe akọ̀wé. Inú rẹ̀ ò dùn sí ọmọ rẹ̀, àmọ́ mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ kò ṣẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àárọ̀ o. Owó aṣọ ni mo tún wá béèrè. Télọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ni òun á dáwọ́ gígé aṣọ dúró. Ẹ jọ̀ọ́ 🙏". Kò sí ẹni tó pè mí láti béèrè ìtumọ̀ èyí.

Ní Ọjọ́bọ̀, akápò gbé ìṣírò owó ọdún tó kọjá síta, ojú ìwé méjì, láìsí ẹ̀mójì kankan. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí Ìyá Ìbejì fi fèsì: "Akápò wa, ẹ ṣeun gan-an ni 👏👏👏". Mo pè é lójú ẹsẹ̀ pé èwo nínú méjèèjì ni èyí. Ó ní kí n lọ ka ìṣírò náà ná, kí n tó wá máa bi òun.